Ìwé Ìbúra fún Ìyípadà Orúkọ Lẹ́yìn Ìgbéyàwó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Obìnrin ní Èkìtì

Kí ni iṣẹ́ ìwé ìbúra yìí gan-an?

Ìwé ìbúra, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní afidéfíìtì, kọ́ ni ó ń yí orúkọ padà. Ìgbéyàwó ni ó fa ìyípadà náà, ìwọ tí o ń jẹ́ orúkọ ni o sì fi ọwọ́ ara rẹ yàn án. Kò sí òfin kan ní Nàìjíríà tí ó pàṣẹ fún ìyàwó pé kó gba orúkọ ọkọ rẹ̀. Obìnrin tí ó bá fẹ́ máa jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ títí lè máa jẹ́ ẹ, kò sì rú òfin. Ohun tí ìwé ìbúra ń ṣe ni pé ó ń jẹ́rìí, lábẹ́ ìbúra, pé ẹni tí a mọ̀ sí lágbájá tẹ́lẹ̀ ni a mọ̀ sí tàmẹ̀dù báyìí, àti pé ẹnì kan náà ni.

Ṣé ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó mi nìkan kò tó?

Ní ibòmíràn, ó tó. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé ẹ̀rí yín sí iwájú kí ẹ kà á dáadáa. Ohun tí ó sọ ni pé Àjàyí obìnrin fẹ́ Ògúndélé ọkùnrin ní ọjọ́ báyìí, ní ibi báyìí. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tí ó sọ pé Àjàyí ti di Ògúndélé. Àlàfo yẹn ni ìwé ìbúra ń dí. Nítorí náà ni àwọn báǹkì, àwọn tí ń gba òṣìṣẹ́, àti àwọn tí ń ṣe páásípọ́ọ̀tù ṣe máa ń béèrè fún un, tí ìwé méjèèjì á sì máa rìn pọ̀.

Orúkọ wo ni mo lè gbà?

Ẹ lè fi orúkọ ìdílé ọkọ rọ́pò ti bàbá yín, ẹ lè so méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú àmì ìdè, ẹ sì lè fi orúkọ bàbá yín sí àárín. Èyí tí ẹ bá mú, ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí ẹ máa gbà kọ ọ́. Bí ẹ bá kọ AJAYI-OGUNDELE sínú ìwé ìbúra, tí ẹ kọ AJAYI OGUNDELE sí báǹkì láìsí àmì ìdè, ẹ ti tún dá ìyàtọ̀ tuntun sílẹ̀ tí ẹlòmíràn yóò béèrè àlàyé rẹ̀.

Orúkọ tí a sọ yín lọ́mọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbéyàwó kì í sọ Fọláṣadé di Esther. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí orúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀ padà ní ìdí mìíràn fún un, ìdí yẹn ló sì gbọ́dọ̀ fi búra nínú ìwé ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ ìbí. Mo ti rí ìwé tí wọ́n fi ọgbọ́n kó àtúnṣe ọjọ́ ìbí sínú ìwé ìbúra ìgbéyàwó, tí gbogbo rẹ̀ sì padà nítorí ìlà kan yẹn.

Àwọn nǹkan wo ni òfin sọ pé ó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀?

Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ni kí ẹ tẹ̀lé. Abala 117 rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìwé ìbúra tí a fẹ́ lò nínú ẹjọ́, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ náà ni gbogbo ọ́fíìsì ń fi wo irú tiwa yìí. Ó ní kí orúkọ ilé-ẹjọ́ wà lókè, kí orúkọ ẹni tí ń búra wà ní kíkún, pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀, ibi tí ó ń gbé àti orílẹ̀-èdè rẹ̀. Kí a kọ ọ́ ní ohùn ẹni tí ń búra fúnra rẹ̀, pé "èmi", kì í ṣe "òun". Kí a sì pín in sí ìpínrọ̀ tí a fi nọ́ńbà sí láti 1 lọ. Ìpínrọ̀ kan, kókó kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ ọ̀kan tán. Ká sọ pé olùkọ́ kan ní Adó-Èkìtì ni, orúkọ tí ó wà nínú ìwé ìbí àti ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó rẹ̀ ni FOLASADE RUTH AJAYI, orúkọ ìdílé ọkọ rẹ̀ sì ni OGUNDELE. Àpẹẹrẹ lásán ni orúkọ yìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-ẹjọ́ gíga ń lò, ìyẹn ni a ó sì fi tẹ èyí tí a máa búra sí. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò sọ nìyí ní èdè wa, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń fi ọwọ́ sí:

> NÍ ILÉ-ẸJỌ́ GÍGA ÌPÍNLẸ̀ ÈKÌTÌ
> Ẹ̀KA ÌDÁJỌ́ ADÓ-ÈKÌTÌ
> ÌWÉ ÌBÚRA LÓRÍ ÌYÍPADÀ ORÚKỌ NÍTORÍ ÌGBÉYÀWÓ
>
> Èmi, FOLASADE RUTH OGUNDELE, tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí FOLASADE RUTH AJAYI, obìnrin, Kristẹni, olùkọ́, ọmọ Nàìjíríà, tí mo ń gbé ní (nọ́ńbà ilé àti òpópónà), Adó-Èkìtì, fi ìbúra sọ pé:
>
> 1. Èmi ni mo ń búra yìí, èmi fúnra mi sì ni mo mọ ohun tí mo kọ síhìn-ín.
> 2. Kí n tó ṣe ìgbéyàwó, FOLASADE RUTH AJAYI ni orúkọ mi.
> 3. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2024, mo ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú (orúkọ ọkọ ní kíkún) ní (ibi tí a ti ṣe é). Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó náà, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ (nọ́ńbà), wà ní ìsopọ̀ mọ́ ìwé yìí, a sì fi àmì A sí i.
> 4. Nítorí ìgbéyàwó náà, FOLASADE RUTH OGUNDELE ni orúkọ tí mo ń jẹ́ báyìí.
> 5. Èmi kan náà ni mo ni orúkọ méjèèjì.
> 6. Tèmi ni gbogbo ìwé tí orúkọ mi àtijọ́ wà lórí wọn, agbára wọn kò sì yẹ̀.
> 7. Wọ́n kọ orúkọ mi sí FOLASHADE RUTH AJAYI lórí ìwé ẹ̀rí WAEC mi. Èmi náà ni.
> 8. Mo ń ṣe ìbúra yìí kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lè ní i lákọsílẹ̀.
> 9. Tọkàntọkàn ni mo fi búra, mo gbà pé òtítọ́ ni, ní ìbámu pẹ̀lú Òfin Ìbúra.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlà tí ẹni tí ń búra yóò fọwọ́ sí, ní apá ọ̀tún. Ní apá òsì, lábẹ́ ìwé náà gan-an, ni gbólóhùn ìjẹ́rìí ìbúra máa ń wà: pé a búra sí i ní ọ́fíìsì àkọ̀wé ilé-ẹjọ́ gíga, Adó-Èkìtì, ní ọjọ́ báyìí, níwájú kọmíṣọ́nnà ìbúra, tí òun náà yóò fọwọ́ sí kí ó sì lu òǹtẹ̀. Abala 119 kò fẹ́ kí a pa nǹkan rẹ́ tàbí kí a há ọ̀rọ̀ bọ àárín gbólóhùn yìí rárá.

Ìpínrọ̀ 5 àti 6 ni kókó ìwé náà. Wọ́n máa ń gbàgbé 5 jù, nítorí wọ́n rò pé ìpínrọ̀ 4 ti sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Ìpínrọ̀ 4 sọ pé ẹ ní orúkọ tuntun; 5 ló sọ pé ẹni tó ni ìwé ẹ̀rí NCE yẹn àti ẹni tó jókòó síwájú òṣìṣẹ́ yìí kì í ṣe ènìyàn méjì.

Kí ni ìdí tí ìpínrọ̀ 7 fi wà níbẹ̀?

Nítorí ibẹ̀ ni ìwé àwa Yorùbá ti sábà máa ń kọsẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń tẹ ìwé ẹ̀rí kì í fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Ṣ wa máa ń di S nínú ìwé kan, ó sì máa ń di SH nínú òmíràn. Fọláṣadé kan náà lè jẹ́ FOLASADE ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ FOLASHADE ní girama, kó sì tún padà di FOLASADE ní yunifásítì. Létí tiwa, ohùn kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ tí ó ń fi orúkọ wé orúkọ ní báǹkì, ènìyàn méjì ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ tẹ́ gbogbo ìwé yín sórí tábìlì: ìwé ìbí, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé gbogbo, ìwé àgùnbánirọ̀, ìwé NIN, ìwé báǹkì, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó. Ẹ fi ìka tẹ orúkọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti rí lórí ìwé, ẹ má kọ wọ́n bí ẹ ti rò pé ó yẹ kí wọ́n rí. Bí wọ́n bá kọ orúkọ àárín ní lẹ́tà kan ṣoṣo, lẹ́tà kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ. Ohun tí ẹ bá rí pé ó yàtọ̀ ni yóò wọ ìpínrọ̀ 7.

Èmi a máa fi àyè gba irú ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìbúra ìgbéyàwó. Bí ó bá jẹ́ orúkọ mìíràn pátápátá ló wà lórí ìwé kan, bí ẹni tí wọ́n fi orúkọ oríkì rẹ̀ sílẹ̀ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìwé ìbúra ọ̀tọ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n ṣe, kí ọ̀rọ̀ méjì má baà so kọ́ ara wọn.

Ohun kan tún wà tí ń dẹ́rù ba àwọn obìnrin wa láìnídìí. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996 ni a yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì jáde lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Obìnrin tí a bí ní Ìkéré ní ọdún 1989, "Ìpínlẹ̀ Oǹdó" ni yóò wà lórí ìwé ìbí rẹ̀, òtítọ́ sì ni. Kì í ṣe àṣìṣe tí a ń fi ìbúra tún ṣe. Bí ìpínlẹ̀ bá gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé yín, ẹ kọ ọ́ pé Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, Ìpínlẹ̀ Èkìtì báyìí.

Kí ni kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀?

Abala 115 ní kìkì ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí ìwé ìbúra sọ, yálà ohun tí ẹ fúnra yín mọ̀ tàbí ohun tí ẹlòmíràn sọ fún yín tí ẹ sì gbà gbọ́. Kò gba ẹ̀bẹ̀, kò gba àríyànjiyàn òfin, kò sì gba ìdájọ́ tí ẹ ti ṣe fúnra yín. "Mo bẹ ilé-iṣẹ́ yín kí ẹ fún mi ní páásípọ́ọ̀tù tuntun" jẹ́ ẹ̀bẹ̀; inú lẹ́tà ni ó yẹ kó wà. "Mo ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin láti jẹ́ orúkọ ọkọ mi" jẹ́ àríyànjiyàn, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá jà sí i.

Bí ohun kan bá wà tí ẹlòmíràn ló sọ fún yín, ẹ dárúkọ ẹni náà, kí ẹ sì sọ ìgbà àti ibi tí ó ti sọ ọ́. Èyí ló fà á tí n kì í fi gbà kí ọkọ wá búra fún ìyàwó rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ ìyàwó ni, ìyàwó ló yàn án, òun ló mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí "Ìyáàfin" tàbí "Mrs" wọ inú orúkọ tí a fi lẹ́tà ńlá kọ. Oyè ni, kì í ṣe orúkọ. Bí ó bá wọlé, àwọn kan yóò tẹ̀ ẹ́ sínú àkọsílẹ̀ bí ẹni pé òun ni orúkọ yín àkọ́kọ́.

Níbo ni mo ti máa búra, báwo ni a sì ṣe ń ṣe é?

Ọ́fíìsì àkọ̀wé ilé-ẹjọ́ gíga ni, níbi tí kọmíṣọ́nnà ìbúra wà. Ẹ kò nílò láti máa wá sí Adó-Èkìtì bí ilé-ẹjọ́ gíga bá wà nítòsí yín. Ṣùgbọ́n orúkọ ibi tí ẹ ti búra gan-an ni kó wà ní òkè ìwé àti nínú gbólóhùn ìjẹ́rìí ìbúra. Ẹni tí ó bá búra ní Ìkọ̀lé pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ti tẹ "Adó-Èkìtì" sí, ìwé rẹ̀ ti sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú ojúlówó ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ẹ̀dà rẹ̀ dání, fọ́tò pélébé, àti ìwé ìdánimọ̀ kan tí orúkọ àtijọ́ wà lórí rẹ̀. Ẹ tẹ ìwé ìbúra náà ní ẹ̀dà mẹ́ta, ó kéré tán, kí ẹ sì búra sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ilé-ẹjọ́ yóò mú ọ̀kan. Ẹ ó san owó ìbúra, wọn yóò sì fún yín ní rìsíìtì. Ẹ tọ́jú rìsíìtì náà mọ́ ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá padà béèrè bóyá ilé-ẹjọ́ ló ṣe é lóòótọ́, òun ni a ó kọ́kọ́ fi wádìí.

Ní báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ sí i nílé. Ohun tí mo rí jù nìyí, òun ló sì ń dùn mí jù. Abala 117 sọ pé níwájú ẹni tí ń gba ìbúra ni kí a ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n obìnrin yóò fọwọ́ sí i nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó tẹ̀ ẹ́, yóò fi rán ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, òǹtẹ̀ yóò sì bọ́ sórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí ojú rẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ ní òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìbúra. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá bi í léèrè pé iwájú ta ni ó ti búra, kò ní rí èsì tòótọ́ kan fọ̀.

Kọmíṣọ́nnà ìbúra yóò béèrè bóyá ẹ̀yin lẹ ni ìwé náà, bóyá ẹ ti kà á, àti bóyá òtítọ́ ni. Kristẹni yóò di Bíbélì mú, Mùsùlùmí yóò di Àlùkùránì mú. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò fàyè gba ìbúra lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu jẹ́jẹ̀ẹ́ òtítọ́ dípò rẹ̀. Nígbà náà ni ẹ ó tó gbé bírò.

Ẹ má sì búra níwájú agbẹjọ́rò tó ń bá yín ṣe ọ̀rọ̀ náà tàbí akọ̀wé rẹ̀, kódà bí ó bá ní àṣẹ láti gba ìbúra. Abala 112 kò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọlé.

Ìgbéyàwó mi ku oṣù kan. Ṣé mo lè ti ṣe ìwé náà sílẹ̀?

Rárá o. Ìpínrọ̀ 3 sọ pé ẹ ti ṣe ìgbéyàwó. Bí ẹ bá búra ní oṣù Kọkànlá sí ìgbéyàwó oṣù Kejìlá, irọ́ ni ẹ búra sí, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn sì ni kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ búra èké. Ọjọ́ tó wà lórí ìwé máa ń tú àṣírí ara rẹ̀: ọjọ́ ìgbéyàwó ni yóò kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn rẹ̀ ọjọ́ ìbúra, lẹ́yìn náà ọjọ́ tí ìwé ìròyìn gbé e jáde.

Ìdána nìkan ni a ṣe, a kò lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Ǹjẹ́ mo lè ṣe é?

Ẹ lè ṣe é. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ jẹ́ ìgbéyàwó. Ìpínrọ̀ 3 nìkan ni yóò yí padà: ẹ kọ ọjọ́ ìdána, ìlú àti agboolé tí wọ́n ti ṣe é, pé wọ́n san owó orí, pé àwọn òbí méjèèjì wà níbẹ̀, pé wọ́n sì fà yín lé ọkọ lọ́wọ́. Ẹ má kọ pé ìwé ẹ̀rí wà ní ìsopọ̀ nígbà tí kò sí. Ohun tó dára ni kí bàbá tàbí ìyá yín, tàbí ẹni tó ṣe alága ìdúró lọ́jọ́ náà, ṣe ìwé ìbúra tirẹ̀ pé ojú òun ló ṣe, kí ẹ so ó mọ́ tiyín. Kí ẹ mọ̀ ṣáájú pé àwọn ọ́fíìsì kan ṣì máa béèrè ìwé ẹ̀rí láti ìjọba ìbílẹ̀; ẹ bi wọ́n kí ẹ tó náwó.

Ìyá mi kò mọ̀wé, òun náà sì fẹ́ ṣe tirẹ̀ kí ó lè tún àkọsílẹ̀ báǹkì rẹ̀ ṣe. Báwo ni?

Wọn yóò kà á fún un ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí yóò fi yé e. Ohun tí àwọn tí ń tẹ ìwé máa ń fojú fò ni pé gbólóhùn ìjẹ́rìí ìbúra gbọ́dọ̀ sọ ọ́: pé ẹni náà kò mọ̀wé, pé a túmọ̀ rẹ̀ fún un ní èdè Yorùbá, pé ó dà bí ẹni pé ó yé e, àti pé níwájú ẹni tí ń gba ìbúra ni ó ti tẹ̀ka. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀, kí òun náà sì fọwọ́ sí i. Bí ìka bá wà lórí ìwé tí gbólóhùn yìí kò sì sí, ẹ dá a padà kí ẹ tó kúrò ní kóòtù.

Ṣé dandan ni kí n gbé e sínú ìwé ìròyìn?

Fún ìyípadà tí ìgbéyàwó fà, àwọn kan kì í béèrè rẹ̀, àwọn kan sì ń béèrè. Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ mú ìwé ìbúra lọ, kí wọ́n sì da orúkọ méjèèjì kọ láti ara rẹ̀. Ẹ kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ ra odidi ìwé ìròyìn náà, kì í ṣe ojú ewé yẹn nìkan, nítorí ọjọ́ àti orúkọ ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ hàn.

Mo ti búra tán kí n tó rí i pé lẹ́tà kan pọ̀ jù nínú orúkọ ọkọ mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fi bírò tún un ṣe, ẹ má sì fi ọ̀dà funfun pa á. Bí ẹ bá rí àṣìṣe kí ẹ tó búra, a lè tún un ṣe, ẹni tí ń gba ìbúra yóò sì fọwọ́ sí etí ìwé ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a tún ṣe. Lẹ́yìn tí ẹ ti búra, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: ìbúra mìíràn ni ó kù. Bí kò bá tí ì dé ọ́fíìsì kankan, ẹ tẹ tuntun, kí ẹ lọ búra sí i, kí ẹ sì fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ láìlò ó. Bí ó bá ti dé ọwọ́ báǹkì tàbí ilé iṣẹ́ yín, tuntun náà gbọ́dọ̀ ní ìpínrọ̀ kan tó dárúkọ ìwé àkọ́kọ́ àti ọjọ́ tí a búra sí i, tó sọ lẹ́tà tó ṣì wọ̀ ọ́ àti bí ó ṣe yẹ kó rí. Ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sí gbogbo ibi tí ẹ ti fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín.